Iṣẹ́ Wà ní Ìlà Kejì

Ìbéèrè náà kò gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ègé irin funfun kan sórí òṣùwọ̀n oníná, ó ka másì rẹ̀ sí 54.26 g, àìdánilójú kíkà náà sì jẹ́ 0.02 g. Ó bu omi sínú sílíńdà ìwọn-omi tó ń gba 100 mL, ó kà 42.0 mL. Ó fi òwú tín-ín-rín so irin náà, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí omi fi bò ó mọ́lẹ̀, omi sì gòkè dé 62.0 mL. Kíkà kọ̀ọ̀kan lára sílíńdà ní àìdánilójú 0.5 mL. Wọ́n ní kí a wá dẹ́ńsítì irin náà pẹ̀lú àìdánilójú rẹ̀. Àríyànjiyàn ló tẹ̀ lé e: akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ògidì alumíníọ́mù ni, nítorí dẹ́ńsítì alumíníọ́mù jẹ́ 2.70 g/cm³. Ẹnìkejì rẹ̀ ní láàbù ní irọ́ ni, dùrálúmìn ni, ìyẹn alumíníọ́mù tí wọ́n pò mọ́ bàbà díẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú, tí tirẹ̀ jẹ́ 2.78. Ta ló jàre? Kí sì ni ẹ máa yí padà kí èsì náà lè dá ẹjọ́ yìí?

Irú ìbéèrè báyìí kò wọ́n nínú ìdánwò fisíìsì ọdún kìíní ní yunifásítì. Ìdáhùn tó dára ló wọ́n. Olùkọ́ tó gbé e kalẹ̀ kọ ìdáhùn tirẹ̀ sí ààbọ̀ ojú ìwé kan, ìlà mẹ́fà péré, pẹ̀lú gbólóhùn díẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, torí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kì í hàn sí ẹni tó bá kàn sáré wá nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀.

Ìlà kìíní nìyí:

ρ = m/V,  V = V₂ − V₁

Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń kánjú ì bá ti tẹ kakulétọ̀, ì bá ti rí 2.713, ọkàn rẹ̀ ì bá sì ti balẹ̀. Olùkọ́ yìí dúró ná, ó kọ ìdajì kejì ìlà yẹn, ìdajì yẹn ló sì gba gbogbo ìdáhùn là. Ohun tó ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ka fọ́lúùmù irin náà níbì kankan. Omi la kà, ẹ̀ẹ̀mejì, ká tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Fọ́múlà dẹ́ńsítì máa ń tan ojú jẹ, torí pé ohun méjì péré ló ń fi hàn, èèyàn á wá rò pé kíkà méjì la ṣe. Mẹ́ta la ṣe: ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, méjì lára sílíńdà.

Ìlà kejì ni mo fẹ́ jókòó tì. Àmì δ dúró fún àìdánilójú:

δV = √(0.5² + 0.5²) = 0.71 mL

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà ṣi ìlà yìí kọ, mo sì ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé ìdánwò. Èkíní ni kí ó kọ 0.5 mL, bíi pé sílíńdà fúnra rẹ̀ ló ni àìdánilójú náà, láìka iye ìgbà tí a kà á sí. Èkejì ni kí ó yọ 0.5 kúrò nínú 0.5, kó ní òfo ló kù, nígbà tó ṣe pé fọ́lúùmù fúnra rẹ̀ la fi ìyọkúrò wá. Ẹni tó kọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé iyèméjì kì í jẹ iyèméjì run. Bí mi ò bá mọ ibi tí omi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí mi ò sì mọ ibi tó dúró dáadáa, báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó fi gòkè láìṣiyèméjì? Ẹ̀kẹta ni kí ó ro méjèèjì pọ̀, kó gba 1.0 mL. Èyí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Bí a ṣe ń kọ́ ọ ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì sọ jẹ́ òtítọ́ nípa ìgbà tí nǹkan bá burú jù lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó lè ṣìnà tó 1.0 mL gbáko, àfi kí kíkà àkọ́kọ́ fi 0.5 lọ sísàlẹ̀, kí èkejì náà fi 0.5 lọ sókè, nínú ìdánwò kan náà. Ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa retí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan á ṣìnà púpọ̀, èkejì á ṣìnà díẹ̀, tàbí kí méjèèjì ṣìnà sí apá kan náà, kí wọ́n sì pa ara wọn rẹ́ díẹ̀. Síkúwà tí a ń rò pọ̀ ká tó wá gbòǹgbò rẹ̀ ló ń ṣírò gbogbo èyí, ìdí nìyẹn tí 0.71 fi wà láàárín 0.5 àti 1.0.

Ó ní ohun kan tí ìlà yìí gbà láìsọ, tí mo fẹ́ràn pé olùkọ́ náà fi gbólóhùn kékeré kan sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó ní kíkà méjèèjì gbọ́dọ̀ dá dúró, kí àṣìṣe ọ̀kan má mọ ohunkóhun nípa àṣìṣe èkejì. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi, tó ń ti òkè wo sílíńdà, tí gbogbo ohun tó ń kà sì ń fi 0.5 mL pọ̀ jù. Àṣìṣe tirẹ̀ wà nínú 42.0, ó sì wà nínú 62.0. Nígbà tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó lọ pátápátá, fọ́lúùmù sì tọ̀nà láìka pé kíkà méjèèjì kò tọ̀nà. Nítorí náà, 0.5 tó wà nínú ìbéèrè kì í ṣe ti ojú tó ń ti òkè wò ó nígbà gbogbo. Ti ọwọ́ àti ojú tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti kíkà kan sí òmíràn ni, níbi tí omi ti tẹ̀ kòtò láàárín ìlà méjì, tí èèyàn ní láti fojú díwọ̀n.

Ìlà kẹta fi ìdá àìdánilójú méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

δm/m = 0.02/54.26 = 0.0004,  δV/V = 0.71/20.0 = 0.035

Ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Másì kò dá sí i.” Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn kì í ní. Àwọn tó mọ fọ́múlà sórí á kó méjèèjì sínú gbòǹgbò, wọ́n á tẹ kakulétọ̀, wọ́n á sì rí 0.0354. Wọ́n tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà méjèèjì á rí i pé ti fọ́lúùmù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti másì. Bí a bá wá sọ wọ́n di síkúwà, ti fọ́lúùmù di nǹkan bí ìlọ́po 9,000. Bí a fi másì sí i, bí a yọ ọ́ kúrò, 0.0354 kò yẹ̀. Òṣùwọ̀n olówó ńlá yẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ẹ̀sún, ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ara sílíńdà ni gbogbo iyèméjì wà.

Ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún yára:

δρ = 2.713 × 0.0354 = 0.096 g/cm³
ρ = 2.71 ± 0.10 g/cm³

Nọ́ńbà mẹ́rin ni 2.713 ní nígbà tó ń ṣírò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ó gé e sí ibi tí àìdánilójú gé e dé. Àwọn kan á ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ kí àìdánilójú ní, kí a kọ 2.7 ± 0.1. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ nígbà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ àìdánilójú bá jẹ́ 1, bí a bá gé èyí tó tẹ̀ lé e, a lè gé nǹkan púpọ̀ sọnù, ó ṣe tán ohun tó wà láàárín 0.10 àti 0.15 kì í ṣe kékeré. Èyí tí mi ò lè gbà ni 2.713 ± 0.096, tó ń díbọ́n pé a mọ iyèméjì wa dé ibi tí a ò mọ̀ ọ́n dé.

Ìlà kẹfà ni àyẹ̀wò, òun sì ló fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn. Olùkọ́ náà pa gbogbo fọ́múlà tì, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí fọ́lúùmù bá jẹ́ 20.7 ńkọ́? 54.26/20.7 jẹ́ 2.62. Bí ó bá jẹ́ 19.3 ńkọ́? 54.26/19.3 jẹ́ 2.81. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ 0.19, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 0.095, ó bá 0.096 mu. Ìṣẹ́jú kan kò pé lórí rẹ̀, kò sì gba ìmọ̀ kálíkúlọ́ọ̀sì rárá.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí àyẹ̀wò yẹn fi ṣe pàtàkì nínú ìbéèrè yìí. Àṣìṣe kan wà tó gbọ́n ju mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ lókè lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ pé ìdá àìdánilójú ni à ń lò fún dẹ́ńsítì á wá ìdá ti kíkà kọ̀ọ̀kan: 0.5/42.0 jẹ́ 0.012, 0.5/62.0 jẹ́ 0.008. Á kó wọn sínú gbòǹgbò síkúwà, á rí 0.0144, á sì kọ 2.71 ± 0.04. Ó mọ́ lójú, ó sì jọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìdá ni à ń lò fún ìsọdipúpọ̀ àti pípín. Fún ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, àìdánilójú gangan fúnra rẹ̀ là ń lò. Báwo la ṣe lè mọ̀ láìrántí òfin yìí? Ẹ sọ 0.0144 yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú 20.0 mL, ẹ máa rí 0.29 mL. A wá ń sọ pé fọ́lúùmù tí a fi kíkà méjì wá dájú ju ọ̀kọ̀ọ̀kan kíkà náà lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fi ìlà kẹfà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, tó tún rántí pé kíkà kan péré ti ní 0.5 nínú, kíá ló máa rí i pé 0.04 ti kéré jù.

Ó di orí ẹjọ́ wàyí. 2.71 fi 0.01 péré ju ti alumíníọ́mù lọ, ó sì fi 0.07 dín sí ti dùrálúmìn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ pé alumíníọ́mù ni, torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Olùkọ́ náà kọ pé: “Èsì yìí bá méjèèjì mu. Ẹjọ́ kò tíì yanjú.” Ìdáhùn tó tọ̀nà nìyẹn. 0.01 àti 0.07 méjèèjì wọ inú 0.10. Bí a bá tún ìdánwò náà ṣe lọ́la, 2.71 lè di 2.64, ó sì lè di 2.79, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí kò tọ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní lọ́wọ́ ni pé irin náà kì í ṣe sínkì, tó wà nítòsí 7.1, kì í sì í ṣe màgínísíọ́mù, tó wà nítòsí 1.7. Ìyẹn náà kì í ṣe òfo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń jà fún nìyẹn.

Apá tó gbẹ̀yìn, pé kí ni a ó yí padà, ni ìlà kẹta ti ń dúró dè. Ẹni tí kò kọ “másì kò dá sí i” lè ní kí wọ́n ra òṣùwọ̀n tó dára jù. Owó náà á ṣòfò, 0.10 á ṣì wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà dábàá pé kí a gé ègé mẹ́ta tó dọ́gba lára ọ̀pá irin kan náà, kí a sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú omi pọ̀. Omi á bẹ̀rẹ̀ ní 30, á gòkè dé nǹkan bí 90. Àìdánilójú fọ́lúùmù kò kúrò ní 0.71 mL, ṣùgbọ́n 60 mL ni a ń fi pín in báyìí, ìdá rẹ̀ di 0.012, àìdánilójú dẹ́ńsítì sì di 0.03. Láàárín 2.70 àti 2.78 ni àyè 0.08 wà, èsì sì ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Èèyàn lè sọ pé kí a kúkú kó ègé márùn-ún sínú sílíńdà tó tóbi. Ó kìlọ̀ níbẹ̀: sílíńdà 250 mL tó wọ́pọ̀ ní láàbù, 2 mL ni ìlà rẹ̀ fi jìn síra. Àìdánilójú kíkà á di 1 mL, fọ́lúùmù á di 100 mL pẹ̀lú 1.4 mL, ìdá rẹ̀ á sì jẹ́ 0.014. Irin pọ̀ sí i, èsì kò dára tó ti ègé mẹ́ta.

Èyí tó wú mi lórí jù wà nínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ó ní: nígbà tó ṣe pé òṣùwọ̀n ló dára jù nínú láàbù yìí, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n wá fọ́lúùmù. Ẹ fi òwú so irin náà mọ́ òṣùwọ̀n, kí ó rì sínú omi láìkan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Bí fọ́lúùmù rẹ̀ bá jẹ́ 20 mL, òṣùwọ̀n á fi nǹkan bí 20 g dín kù, torí omi ń gbé e sókè pẹ̀lú ìwúwo omi tó tì kúrò. Ìlànà Ákímídíìsì nìyẹn. Iyèméjì 0.02 g lórí kíkà kọ̀ọ̀kan ló kù, àìdánilójú dẹ́ńsítì sì já bọ́ láti 0.10 sí nǹkan bí 0.003. Ẹjọ́ parí nìyẹn.

Tàbí kó dà bíi pé ó parí. Bí iyèméjì kan bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, àwọn tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ á jáde. Afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara irin bí ìfófòó, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà méjì, kò ju 0.004 mL lọ. Níwájú 0.71 mL, kò sẹ́ni tó máa bìkítà fún un. Níwájú òṣùwọ̀n, ìfófòó márùn-ún péré ti tó 0.02 g, apá kan náà ni wọ́n sì ń tì sí nígbà gbogbo: fọ́lúùmù á pọ̀ jù, dẹ́ńsítì á kéré jù. Gbòǹgbò síkúwà kò lè rí wọn. Ojú ló ń rí wọn, ọwọ́ ló sì ń gbọ̀n wọ́n dànù. Omi fúnra rẹ̀ náà ń kọ́? A máa ń fi dẹ́ńsítì rẹ̀ sí 1.000, ṣùgbọ́n ní láàbù tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí omi wà ní 30 °C, 0.996 ni. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan á fi 0.01 ti dẹ́ńsítì irin wa sókè, ó sì ju 0.003 tí a ń yangàn rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Nínú ọ̀nà sílíńdà, kò séwu, torí a kò lo dẹ́ńsítì omi rárá.

Ẹ̀bi kan ni mo rí nínú iṣẹ́ yìí, inú ìbéèrè ló sì wà. Wọ́n ní 0.5 mL, wọn ò sọ irú 0.5 tó jẹ́. Ìdajì àlàfo ìlà méjì lára sílíńdà ni. Ṣé òpin ni, tí kíkà kò lè kọjá, àbí ìwọ̀n bí kíkà ṣe ń fọ́n ká, tí a lè kọjá nígbà mìíràn? Ìwé ìtọ́sọ́nà lórí àìdánilójú tí àjọ ISO gbé jáde ní 1993 ní bí ó bá jẹ́ òpin, tí gbogbo ibi tó wà láàárín sì dọ́gba, kí a kọ́kọ́ fi √3 pín in ná. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, 0.5 á di 0.29, fọ́lúùmù á ní 0.41 mL, èsì á sì di 2.71 ± 0.06. Ìdájọ́ kò yí padà, torí 0.07 kò tíì jìnnà sí 0.06 débi tí a fi lè lé dùrálúmìn jáde. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé náà, tó sì kọ 0.06, kò yẹ kí ó pàdánù máàkì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń fi 0.10 wá ìdáhùn. Kí àwọn tó ń gbé irú ìbéèrè yìí kalẹ̀ jọ̀ọ́ fi gbólóhùn kan kún un, kí wọ́n sọ ohun tí 0.5 wọn túmọ̀ sí.